RC522 àti módù káàdì SD lórí wáyà MISO kan: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, àpapọ̀ ò gbà

Dàmọ́lá_Àkúrẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mò ń ṣe ẹ̀rọ tó máa forúkọ àwọn tó wá sí kíláàsì sílẹ̀, iṣẹ́ àṣekágbá mi ni. RC522 ló ń ka káàdì ìdánimọ̀, módù káàdì SD ló ń tọ́jú orúkọ, Adúínò Uno ló ń darí àwọn méjèèjì. CS ti RC522 wà lórí píìnì 10, ti SD wà lórí 4. MOSI, MISO àti SCK jẹ́ ti àjọlò, lórí 11, 12 àti 13. Tí mo bá so RC522 nìkan, ó ń dáhùn. Tí mo bá so SD nìkan, ó ń kọ fáìlì. Kí n ṣáà ti so méjèèjì pọ̀ báyìí, RC522 á kú fin-ín, SD á sì máa ṣiṣẹ́ tiẹ̀ lọ. Ohun tí ó ń hàn nìyí:

```
Firmware Version: 0xFF = (unknown)
```

Mo ti ra RC522 mìíràn, ọ̀kan náà ni. Ọjọ́bọ̀ ni mo fẹ́ gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Níbo ni mo ti ṣì í?

Mọ́remí_Kóòdù

Rẹsítọ̀ ni kò sí níbẹ̀. Irú ẹ̀ ṣe mí nígbà tí mo so aago DS3231 àti ojú OLED kékeré kan pọ̀ mọ́ wáyà méjì. Ọ̀kan á dáhùn, ọ̀kan á dákẹ́. Mo fi rẹsítọ̀ 4.7 kílóómù gbé wáyà kọ̀ọ̀kan lọ sí iná, gbogbo ẹ̀ sì tò. Fi ọ̀kan sí MISO, kí o fi orí ẹ̀ kejì sí 3.3 fóltì.

Dàmọ́lá_Àkúrẹ́

Ẹ ṣé, Àǹtí Mọ́remí. Mo fi í síbẹ̀ báyìí báyìí. 0xFF náà ló ṣì ń sọ.

Kọ́lá_TTL

Mọ́remí, I2C lò ń sọ nípa ẹ̀ yẹn. Nínú I2C, kò sẹ́ni tó ń ti wáyà sókè rárá. Kóówá ń fà á sílẹ̀ ni tàbí kó fi í sílẹ̀, rẹsítọ̀ ló ń gbé e padà sókè. Ìdí nìyẹn tí èèyàn mẹ́wàá fi lè jókòó sórí ẹ̀ láìjà. SPI kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba MISO ń tì í sókè, ó tún ń fà á sílẹ̀, tagbáratagbára.

Ṣùgbọ́n Dàmọ́lá, kódà tí àwọn méjèèjì bá ń jà lórí wáyà yẹn, kò yẹ kí ó pa RC522. Mo ti ń lo 74LS láti ayé àtijọ́. Tí ṣíìpù méjì bá jà, ẹni tó ń fà sílẹ̀ ló máa ń borí. Òdo RC522 yóò ṣì jáde. Kóòdù rẹ ni kí o yẹ̀ wò, àbí káàdì SD ayédèrú ni wọ́n tà fún ẹ.

Bàbá Sódà

Dàmọ́lá, ṣe nǹkan méjì fún mi kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Yọ káàdì SD kúrò nínú módù, ṣùgbọ́n jẹ́ kí módù fúnra ẹ̀ wà lórí wáyà. Kí ni RC522 sọ? Lẹ́yìn náà, yọ wáyà MISO ti módù SD nìkan, má fọwọ́ kan ìyókù. Kí ló sọ? Bí o bá sì ti ń ṣe é, ka ohun tó wà lẹ́yìn ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìnlá tó wà lórí módù yẹn fún mi.

Dàmọ́lá_Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo yọ káàdì, 0xFF náà ni. Mo dá káàdì padà, mo yọ wáyà MISO ti SD nìkan, lójú ẹsẹ̀ ló sọ 0x92. Mo fi fóònù ya ṣíìpù yẹn kí n tó rí i kà: LVC125A.

Bàbá Sódà

Ó tán. Káàdì kọ́, kóòdù kọ́. Nígbà tí módù tí kò ní káàdì nínú bá lè pa RC522 lẹ́nu mọ́, a jẹ́ pé ohun tó wà lórí módù fúnra ẹ̀ ló di wáyà mú. LVC125A yẹn sì ni.

Bọ́fà mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Bọ́fà kọ̀ọ̀kan lè ṣe nǹkan mẹ́ta: ó lè ti wáyà sókè, ó lè fà á sílẹ̀, ó sì lè jáwọ́ nínú ẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹsẹ̀ OE ni a fi ń sọ fún un pé kó jáwọ́. OE bá wà nísàlẹ̀, bọ́fà ń ṣiṣẹ́; OE bá lọ sókè, ó jáwọ́. Àwọn tó ṣe módù olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí fi bọ́fà sọ 5 fóltì Adúínò di 3.3 kó tó dé ọ̀dọ̀ káàdì, iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n gba MISO náà kọjá nínú bọ́fà kan, wọ́n wá so OE ẹ̀ mọ́ GND. Bọ́fà yẹn kò lè jáwọ́ láéláé. Káàdì lè ti jáwọ́ ní tiẹ̀ nígbà tí CS ẹ̀ lọ sókè, bọ́fà tó wà níwájú ẹ̀ kò mọ̀. Ohun tó bá rí lẹ́nu ọ̀nà ni yóò máa pariwo ẹ̀ sórí wáyà. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, rẹsítọ̀ kan ń gbé ẹnu ọ̀nà káàdì sókè, ìdí nìyẹn tí o fi ń rí 1 mẹ́jọ léraléra, tí í ṣe 0xFF.

Kọ́lá, òótọ́ lo sọ nípa 74LS. Ìdajì tó ń fà sílẹ̀ nínú TTL le, èyí tó ń tì sókè ò lágbára tó o. Ṣùgbọ́n LVC ò rí bẹ́ẹ̀. Apá méjèèjì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó sì lágbára ju ẹsẹ̀ RC522 lọ fíìfíì. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ń fà sílẹ̀ ló ń borí níbí ni, òdo RC522 ì bá jáde, 0x92 ni Dàmọ́lá ì bá sì rí. 0xFF tó rí yẹn, ẹni tó ń tì sókè ló borí.

Ìyá Ìyanu

Ọmọ mi Dàmọ́lá, ṣé o mọ ṣeńjóófà tó wà lára ògiri ilé? Iná ìjọba lápá kan, jẹ́nẹ́rétọ̀ lápá kejì, òfo láàárín. Ohun tí Bàbá ń sọ ni pé ẹnì kan ti so jẹ́nẹ́rétọ̀ mọ́ ilé yín tààrà, kò gba inú ṣeńjóófà kọjá. Tí iná ìjọba bá dé nígbà tó ń ṣiṣẹ́, wọn á jọ wọlé. Èmi ń tún invátà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, mo ti rí ohun tí ìyẹn máa ń dá sílẹ̀, ọlọ́jọ́ ò ní í jẹ́ ká rí i.

Bàbá Sódà

Àpèjúwe Ìyá Ìyanu bọ́ sí i. Òfo tó wà láàárín ṣeńjóófà yẹn pàápàá ní iṣẹ́ tirẹ̀, màá padà sórí ẹ̀.

Dàmọ́lá, má tíì gbé irin sódà. Jẹ́ ká fi mítà rí i kó tó di pé a gé nǹkan. Kọ kóòdù kékeré kan tó kàn gbé píìnì 4 àti 10 sókè, kò gbọdọ̀ ṣe ohun mìíràn. Nígbà yẹn kò sẹ́ni tí a pè, gbogbo wọn ló yẹ kí wọ́n jáwọ́ nínú MISO. Yọ rẹsítọ̀ tí Mọ́remí ní kí o fi síbẹ̀. Mú rẹsítọ̀ 10 kílóómù, fi so MISO mọ́ GND, wo mítà. Tú u, fi so MISO mọ́ 3.3 fóltì, wò ó. Wáyà tí kò sẹ́ni tó dì í mú á tẹ̀ lé rẹsítọ̀ síbi tó bá fà á sí. Èyí tí ẹnì kan dì mú kò ní mira. Tí mítà bá wá dúró sí agbede méjì, tí kò sókè tí kò sílẹ̀, àwọn méjì ló ń jà níbẹ̀ lọ́wọ́. Mítà lásán láìsí rẹsítọ̀ ò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn ẹ, torí wáyà òfìfo náà lè fi fóltì èyíkéyìí hàn ẹ.

Dàmọ́lá_Àkúrẹ́

Mo ti ṣe é. Pẹ̀lú módù SD: rẹsítọ̀ sí GND, 3.27; rẹsítọ̀ sí 3.3, 3.28. Kò mira rárá. Mo wá yọ MISO ti SD: sí GND, 0.00, sí 3.3, 3.29. RC522 jáwọ́ dáadáa, SD ni kò jáwọ́.

Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n ti ń jà. Ṣé RC522 mi ò tíì jóná?

Bàbá Sódà

O ti rí 0x92 lẹ́nu ẹ̀ lẹ́yìn ìjà náà, nítorí náà ó ṣì wà láàyè. Ìgbà tí o bá pè é, tó sì fẹ́ sọ òdo nìkan ni wọ́n ń jà, ìyókù àkókò kò sí ìjà. Má kàn fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ ni.

Iṣẹ́ abẹ rèé. Pa iná. Fi mítà sí ibi tó ń dún, fi ẹnu kan sí MISO lórí módù, fi ẹnu kejì kan ẹsẹ̀ 3, 6, 8 àti 11 lára LVC125A níkọ̀ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ni ẹnu àbájáde bọ́fà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá jẹ́ 3 ló dún, OE ẹ̀ ni ẹsẹ̀ 1. 6 ni, OE ẹ̀ ni 4. 8 ni, OE ẹ̀ ni 10. 11 ni, OE ẹ̀ ni 13. Mi ò ní sọ fún ẹ pé ẹsẹ̀ báyìí ni kí o gbé o, torí àwọn tó ń ṣe módù yìí pọ̀, kálukú ló ń ya wáyà tirẹ̀. Mítà ni kó sọ.

Tí o bá ti mọ OE tó jẹ́, yọ́ sódà ẹsẹ̀ yẹn, fi abẹ́rẹ́ gbé e sókè díẹ̀ kó má kan bọ́ọ̀dù mọ́. Fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí ẹsẹ̀ yẹn lọ sí CS ti módù náà. Ó parí. CS lọ sílẹ̀, a pe káàdì, bọ́fà ṣí. CS lọ sókè, bọ́fà jáwọ́. 5 fóltì Adúínò tó máa dé ẹsẹ̀ yẹn kò ní pa á lára, ẹnu ìwọlé LVC lè gba 5 fóltì bí òun fúnra ẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ 3.3.

Àjàní_Waya

Bàbá, ẹ foríjì mí, ọmọ tó fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ ní Ọjọ́bọ̀ lẹ ní kó máa gbé ẹsẹ̀ ṣíìpù bíńtín yẹn? Rẹsítọ̀ 1 kílóómù kan ti tó. Kó gé wáyà MISO ti SD, kó fi rẹsítọ̀ sí àárín. SD á di aláìlágbára, RC522 á borí ẹ̀ nígbàkígbà tó bá sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, ọdún kejì rèé tó ti ń ṣiṣẹ́.

Bàbá Sódà

Àjàní, mi ò lè ní kò ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. 3.3 fóltì lórí 1 kílóómù, mílíámpù mẹ́ta àti díẹ̀ ni, RC522 lè gbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìjà ṣì ń lọ, o kàn so àpò yanrìn mọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan ni. Tí o bá tún mú ẹ̀rọ kẹta wá, tí òun náà ò lè jáwọ́, àti 1 kílóómù tirẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn sí agbede méjì. Wáyà gígùn pẹ̀lú rẹsítọ̀ níwájú ẹ̀ á sì máa fà nígbà tó bá yẹ kó fò, nítorí náà kò ní lè sáré tó bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀.

Fún Ọjọ́bọ̀, Dàmọ́lá, bí ọwọ́ ẹ bá ń gbọ̀n, ṣe ti Àjàní. Tí ara ẹ bá balẹ̀, gbé ẹsẹ̀.

Àjàní_Waya

Ẹ̀rọ méjì péré ló ní o. Àmọ́ mo gbọ́.

Kọ́lá_TTL

Mo gbà pé mo ṣì í lórí ẹni tó ń borí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan: tí OE àti CS bá jẹ́ wáyà kan náà, tí a gbé CS kan sókè ká tó sọ ìkejì kalẹ̀, ṣé kò sí àsìkò kékeré tí ti àkọ́kọ́ kò tíì jáwọ́, tí ìkejì ti gbá a mú?

Bàbá Sódà

Òfo àárín ṣeńjóófà tí mo ní màá padà sí nìyẹn. Ìbéèrè gidi ni.

Lórí Uno, kò léwu. LVC125A máa ń jáwọ́ láàárín nánósẹ́kọ́ńdì díẹ̀. `digitalWrite` tó gbé CS kan sókè àti èyí tó sọ ìkejì kalẹ̀ máa ń jìnnà síra ju máíkírósẹ́kọ́ńdì kan lọ. Adúínò lọ́ra débi pé òfo náà wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi í síbẹ̀.

Ibi tó ti jẹ mí níyà ni bọ́ọ̀dù Z80 kan tí mo fi ọwọ́ ṣe. Mo fi 74HC245 sí àárín Z80 àti wáyà déétà mẹ́jọ. Ọlọgbọ́n ni mo pe ara mi: mo so OE mọ́ GND, mo so DIR mọ́ RD. Tí RD bá wà nísàlẹ̀, 245 ń gbé déétà wọlé sọ́dọ̀ Z80. Tó bá wà lókè, ó ń gbé e jáde. Ó dà bí ẹni pé kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí RD bá ń lọ sókè. 245 yí ojú padà láàárín nǹkan bí 20 nánósẹ́kọ́ńdì, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti déétà jáde. Ṣíìpù ROM tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáhùn, tirẹ̀ lè gba 50 kó tó jáwọ́. Nǹkan bí 30 nánósẹ́kọ́ńdì ni wọ́n fi ń jà, lórí wáyà mẹ́jọ, lẹ́yìn gbogbo kíkà. Z80 ò sì ní iṣẹ́ tó ń ṣe ju kíkà lọ.

Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ o! Ìyẹn ló burú nínú ẹ̀. Ó kàn ń ṣi ìṣirò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 245 sì ń gbóná ju bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo fi ọsilosikóòpù wo iná 5 fóltì, mo rí ẹ̀gún kan lórí ẹ̀ níbi tí gbogbo kíkà ti ń parí. Ṣíìpù HC bẹ́ẹ̀, 35 mílíámpù ni ìwé ẹ̀ ní kí ẹnu àbájáde kan má kọjá, 70 sì ni fún gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ní ẹsẹ̀ iná. Wáyà mẹ́ta tó bá ń jà lẹ́ẹ̀kan náà lè fò ó.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo tú OE kúrò lára GND. Mo so RD àti WR mọ́ ẹnu gééti AND kan nínú 74HC08, mo gbé àbájáde ẹ̀ fún OE. Àfi tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá lọ sílẹ̀ ni 245 tó lè ṣí. Ní àárín kíkà àti kíkọ, kò sẹ́ni tó di wáyà mú. Ẹ̀gún yẹn pòórá.

Kọ́lá_TTL

Ó dáa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá lo ìdíláàmú irú kejì ti Z80, nígbà tó bá ń béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó pè é, M1 àti IORQ ló ń gbé sílẹ̀. RD ò ní mira. 245 yín á ti ilẹ̀kùn mọ́ nọ́ńbà yẹn lójú.

Bàbá Sódà

O mú mi. Irú kìíní ni mo lò, n ò tiẹ̀ ronú kàn án. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ irú kejì, OE àti DIR méjèèjì ló gbọ́dọ̀ mọ M1 àti IORQ, tàbí kí ẹ̀rọ tó ń dáhùn wà lápá ọ̀dọ̀ Z80, kí ó má gba 245 kọjá.

Dàmọ́lá_Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ó ti ṣe é ṣe! Ẹsẹ̀ 11 ló dún, mo gbé 13. Ìgbà àkọ́kọ́, mo fi sódà so ó pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ 14, mo ní láti fi wáyà bàbà fa sódà náà kúrò. Ní báyìí RC522 ń sọ 0x92, SD ń kọ orúkọ. Rẹsítọ̀ 10 kílóómù sí GND, 0.00 pẹ̀lú àwọn méjèèjì lórí wáyà.

Ó ku nǹkan kan. Tí mo bá yọ iná, tí mo tún fi í, ó tó bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́wàá tí SD máa ń kọ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá tẹ rísẹ́ẹ̀tì, ó máa ń gbà.

Bàbá Sódà

Kí kóòdù rẹ tó bẹ̀rẹ̀, píìnì 4 àti 10 ò sọ ohunkóhun, wọ́n kàn rọ̀ síbẹ̀ ni. Ní àsìkò yẹn CS méjèèjì lè wà nísàlẹ̀ láìmọ̀, gbogbo wọn á rò pé àwọn la pè. So rẹsítọ̀ 10 kílóómù láti ara CS kọ̀ọ̀kan lọ sókè, ti RC522 sí 3.3. Kí o sì gbé méjèèjì sókè kí o tó pe ẹnikẹ́ni nínú wọn:

```cpp
void setup() {
  digitalWrite(4, HIGH);
  pinMode(4, OUTPUT);
  digitalWrite(10, HIGH);
  pinMode(10, OUTPUT);
  SPI.begin();
  // SD.begin(4) àti PCD_Init() wá tẹ̀ lé e
}
```

`digitalWrite` ló ń ṣáájú `pinMode` níbẹ̀, kì í ṣe àṣìkọ. Tí o bá yí i padà, píìnì á kọ́kọ́ já sílẹ̀ fún máíkírósẹ́kọ́ńdì díẹ̀ kó tó lọ sókè, káàdì á sì rò pé a ti pe òun.

Mọ́remí_Kóòdù

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí kò wá sẹ́ni tó di MISO mú mọ́, ta ló ń pinnu ohun tí Adúínò máa kà nígbà yẹn? Ṣé rẹsítọ̀ tí mo sọ níjọ́sí kò wá wúlò báyìí?

Bàbá Sódà

Ó wúlò. O kàn mú un wá síwájú àsìkò ẹ̀ ni. Gbé MISO sókè lọ sí 3.3 pẹ̀lú 10 kílóómù, kó má máa rọ̀ bí ewé. Kò lè pa ìjà kankan, ṣùgbọ́n tí ìjà bá ti tán, òun ni kó máa ṣọ́ ilé.

Dàmọ́lá_Àkúrẹ́

Mo ti fi rẹsítọ̀ sí CS méjèèjì, mo yí kóòdù padà. Mo yọ iná, mo fi í, ìgbà ogún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni SD kọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá káàdì ni o. Mo fẹ́ yá ti ẹ̀gbọ́n mi wò lọ́la.

Kọ́lá_TTL

Mo sọ ọ́ níjọ́ kìíní pé káàdì ayédèrú ni. 😀

Ìyá Ìyanu

Wo iná tó ń bọ́ módù yẹn náà, Dàmọ́lá. Nígbà tí SD bá ń jí, ó máa ń jẹ iná gan-an. Fi kàpásítọ̀ 100 máíkírófáráàdì sí ẹsẹ̀ iná ẹ̀ kí o tó dá káàdì lẹ́bi.